Clubcard ti Tesco nínú VRIO: kí ni kò ṣeé dà kọ níbẹ̀ gan-an?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kẹta

Wọ́n ní ká fi VRIO, ìyẹn ìbéèrè mẹ́rin tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ohun ìní ilé-iṣẹ́ kan lè fún un ní àǹfààní lórí àwọn tó ń bá a díje, yẹ Clubcard wò, káàdì tí Tesco, ilé-ìtajà ńlá ní Britain, ń fún oníbàárà. Mo kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ó wúlò, ó ṣọ̀wọ́n, ó ṣòro láti dà kọ, ilé-iṣẹ́ náà sì wà létòlétò láti lò ó. Mo wá ní àǹfààní tó máa pẹ́ ni. Olùkọ́ wa fi bírò pupa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹta pé: "Kò pé ọdún kan àtààbọ̀ tí Sainsbury's tó ń bá Tesco díje fi ṣe tiẹ̀. Kí ni kò ṣeé dà kọ níbẹ̀?" Tó bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Tesco fi ń ṣíwájú fún ọdún gbọọrọ? Ẹ jọ̀wọ́, ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?

---

Àgbà_Inú_Ọjà

Olùkọ́ yín ló jàre, ṣùgbọ́n ìwọ náà ò jìnnà. Ibi tó o ti ṣìnà ni pé o pe nǹkan mẹ́rin ní orúkọ kan ṣoṣo, o wá ń bi wọ́n ní ìbéèrè pa pọ̀. Bí èèyàn bá ń bi odidi ẹrù ní ìbéèrè, èsì tó máa gbà kò ní bá ìkankan nínú ohun tó wà níbẹ̀ mu.

Tú ẹrù náà. Ohun àkọ́kọ́ ni káàdì fúnra rẹ̀, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí oníbàárà ń fi han akówó, pẹ̀lú póìǹtì tó ń wọlé fún un. Ohun kejì ni àkọsílẹ̀ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rà, ọjọ́ tó rà á àti ibi tó ti rà á. Ohun kẹta ni ọgbọ́n àwọn tó lè ka àkọsílẹ̀ yẹn kí wọ́n sì sọ nǹkan tó nítumọ̀ jáde nínú rẹ̀. Ohun kẹrin ni ìwà inú ilé-iṣẹ́: ṣé àwọn tó ń ra ọjà wọlé àtàwọn tó ń fi iye lé e máa yí ìpinnu wọn padà tí àkọsílẹ̀ bá sọ ohun tí kò bá tiwọn mu?

Tesco gbé Clubcard jáde káàkiri Britain ní oṣù kejì ọdún 1995, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní ilé-ìtajà díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ dunnhumby, tí tọkọtaya Clive Humby àti Edwina Dunn dá sílẹ̀, ló bá wọn ka àkọsílẹ̀ ìdánwò yẹn. Ìtàn tí gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n gbé àbájáde wá síwájú ìgbìmọ̀, alága Tesco nígbà náà, Ian MacLaurin, ní ohun tó ń bá òun lẹ́rù ni pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi mọ àwọn oníbàárà òun ju bí òun ṣe mọ̀ wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún lọ.

Ní Sainsbury's, ọ̀gá wọn fi káàdì náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó fi í wé sítáǹbù tí àwọn ilé-ìtajà ń pín láyé àtijọ́. Ní 1996 àwọn náà gbé káàdì tiwọn jáde. Nítorí náà, fún ike àti póìǹtì, kọ "rárá" sí ìkẹta, kó o sì fi ọkàn balẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní owó ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ níwájú akówó lè ṣe é. Kò ju àǹfààní ìgbà díẹ̀ lọ.

Àwọn mẹ́ta tó kù la máa jà lé lórí.

---

Dátà_Lọba

Kí la tún ń jà lé lórí níbẹ̀? Dátà ni! Ike lè jọ ike, àmọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995 ti ní àkọsílẹ̀ ọdún kan kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó tẹ̀ lé e bá sáré tó ẹṣin, ọdún kan yẹn ò ní tán láàárín wọn láéláé. Ọjọ́ kò ṣeé fowó rà. Àkọsílẹ̀ yẹn wúlò, ó ṣọ̀wọ́n, kò ṣeé dà kọ. Mo ń ṣe iṣẹ́ dátà, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

---

Àgbà_Inú_Ọjà

@Dátà_Lọba, ìdajì ọ̀rọ̀ yín dára gan-an. Pé ọjọ́ kò ṣeé fowó rà, òtítọ́ pọ́ńbélé ni, ó sì wà lára ìdí tí àwọn nǹkan kan fi ṣòro dà kọ. Ohun tí ẹnì kan kó jọ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ẹni tó bá fẹ́ kó o jọ ní ọdún méjì máa náwó ju tẹni àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, kò sì dájú pé yóò rí i kó jọ.

Ibi tí mi ò ti bá yín lọ ni pé dátà tí oníbàárà ń fi sílẹ̀ níwájú akówó máa ń gbó. Ìyá tó ń ra ìlédìí ọmọ ní ọdún yìí kò ní rà á mọ́ ní ọdún mẹ́ta sí i. Ẹni tó ń dá gbé ti gbéyàwó. Àkọsílẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ̀ ń fọ́nnu rẹ̀ yìí, kí la fẹ́ fi ṣe ní ọdún karùn-ún? Kódà lọ́wọ́ Tesco fúnra rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò lè gbé gbogbo rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ kà, wọ́n sì ń fi iye yẹn díwọ̀n ìyókù. Ẹni tó rí ohun tó wúlò nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá ti fi hàn yín pé kì í ṣe bí òkìtì náà ṣe ga tó ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wá wo "ó ṣọ̀wọ́n". Lọ́dọ̀ ta ni ó ti ṣọ̀wọ́n? Ìbéèrè kejì kì í béèrè bóyá nǹkan náà pọ̀ láyé. Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń fa oníbàárà kan náà mọ́ra lọ́wọ́ ló ń béèrè. Sainsbury's fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Tesco ní títóbi nígbà yẹn. Ọdún 1995 gan-an ni Tesco ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá rẹ̀. Gbàrà tí wọ́n ti ní káàdì, wọ́n ń rí àkọsílẹ̀ àìmọye oníbàárà lọ́sẹ̀ bíi ti Tesco. Safeway ti Britain náà ti ní tiwọn láti 1995. Ilé-ìtajà ńlá mẹ́ta, òkìtì mẹ́ta. Ibo ni ọ̀wọ́n náà wà?

---

Ìyá_Táyé_Aláṣọ

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Mo ń ta aṣọ ọmọdé. Èmi náà ti ṣe káàdì rí: tí o bá ra aṣọ mẹ́wàá, màá tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ fún ọ, ìkọkànlá di ọ̀fẹ́. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Àwọn tó ń gba ọ̀fẹ́ yẹn ni àwọn tí ì bá rà á lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ náà. Mo wá rí i pé èmi ni mò ń fún ara mi ní gbèsè. Ṣé kí n tún un ṣe ni àbí kí n gbàgbé ẹ̀? Ohun tó tún dùn mí jù ni pé ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, oníbàárà tó tẹ̀ lé e lé ní ogún. Ẹ tún bá mi wo ìyẹn.

---

Dátà_Lọba

Màmá, kì í ṣe káàdì tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe là ń sọ o, asáínmẹ́ǹtì ni 😅

---

Àgbà_Inú_Ọjà

Ẹ jẹ́ kí Màmá sọ̀rọ̀, wọ́n ti fọwọ́ ba ohun tó yẹ ká ti dé kó tó dìgbà yìí.

Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí ni ọmọbìnrin yẹn mọ̀ tí ẹ̀yin ò mọ̀?

---

Ìyá_Táyé_Aláṣọ

Ó mọ ọmọ ta ló ga, ọmọ ta ló sanra. Ìyá ọmọ á wọlé láìmú ọmọ dání, á kàn ní "bá mi wo nǹkan fún Junior", ọmọbìnrin yẹn á na ọwọ́ mú èyí tó bá Junior mu gẹ́lẹ́. Kò kọ ọ́ síbì kan. Orí ẹ̀ ló wà. Èmi kì í jókòó síwájú, ẹ̀yìn ni mo máa ń wà pẹ̀lú ìwé owó.

---

Àgbà_Inú_Ọjà

Ẹ ṣé mà. Akẹ́kọ̀ọ́, ka èyí dáadáa, torí pé ó dára ju àpẹẹrẹ inú ìwé rẹ lọ.

Káàdì olóǹtẹ̀ Màmá kò kọjá ìbéèrè àkọ́kọ́ pàápàá. Nǹkan wúlò fún oníṣòwò tó bá jẹ́ kó rí owó tí kò ní rí láìsí i, tàbí tó jẹ́ kó ná iye tó dín. Bí ẹni tó gba ọ̀fẹ́ bá jẹ́ ẹni tí ì bá sanwó, ẹ̀dínwó lásán ni. Àìmọye káàdì ilé-ìtajà ńlá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ dòní, tí wọ́n sì ń pè é ní àǹfààní torí pé oníbàárà tó gbà á pọ̀.

Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Ohun tó wà lórí rẹ̀ wúlò, ó ṣọ̀wọ́n, ṣọ́ọ̀bù kejì kò sì lè kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Mẹ́ta kọjá. Ṣùgbọ́n nǹkan náà ní ẹsẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lọ. Wọn ò dà á kọ lọ́wọ́ Màmá, ńṣe ni wọ́n gbé e lọ. Ìbéèrè kẹrin, ti ètò, ni ṣọ́ọ̀bù náà ti kùnà: kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, kò sí ẹnì kejì tó mọ̀ ọ́n, kò sì sí ìdí tí ọmọbìnrin yẹn fi ní láti dúró. Mà, ẹ má tún káàdì ṣe. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹni tó wà níwájú báyìí máa kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí àti ìwọ̀n rẹ̀ sí i, kí ìwé náà sì máa sùn sọ́dọ̀ yín.

Tesco mọ ewu yìí. Nígbà yẹn, àwọn tó mọ àkọsílẹ̀ Clubcard í kà, ìyẹn dunnhumby, kì í ṣe òṣìṣẹ́ Tesco, alágbàṣe ni wọ́n. Alágbàṣe sì lè lọ bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ lọ́la. Ní 2001 Tesco ra ìpín tó ju ìdajì lọ nínú ilé-iṣẹ́ náà, nígbà tó yá ó ra ìyókù. Ìwé tó ń sùn sọ́dọ̀ ọlọ́jà náà nìyẹn, ó kàn tóbi ni.

---

Aṣàríwísí

Mo ti dákẹ́ títí. Ẹ̀yin méjèèjì ń fi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣe ẹ̀rí ara rẹ̀. Tesco borí, ẹ wá wẹ̀yìn, ẹ rí káàdì, ẹ ní káàdì ló wúlò, kò ṣeé dà kọ. Tó bá jẹ́ Sainsbury's ló borí ńkọ́, ẹ ò ní sọ pé ilé-ìtajà wọn tó dára ni kò ṣeé dà kọ? Àríwísí yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Àwọn onímọ̀ méjì, Priem àti Butler, kọ ọ́ ní 2001 tako Barney, ẹni tó gbé VRIO kalẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà ń yípo ara rẹ̀: ohun tó níye lórí ni ohun tó ń mú àǹfààní wá, a sì mọ̀ pé àǹfààní wà torí a rí ohun tó níye lórí.

Ta tiẹ̀ ló sọ pé káàdì ni? Ní 1993 Tesco bẹ̀rẹ̀ ọjà olówó pọ́ọ́kú tiwọn. Ní 1994 wọ́n ra gbogbo ilé-ìtajà William Low ní Scotland. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣèlérí fún oníbàárà pé ẹnì kan péré ló máa wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà akówó, bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ àwọn á ṣí òmíràn. Ní 1995 káàdì dé, wọ́n sì kọjá Sainsbury's. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, èwo ló ṣe é?

---

Àgbà_Inú_Ọjà

Mi ò lè sọ èwo ló ṣe é fún yín, Sainsbury's náà ò lè sọ ọ́ nígbà yẹn, apá kan nínú ìdáhùn sì nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dà yín kọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó yẹ kó dà kọ. Bí ohun mẹ́rin bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí ojú ìta kò rí èyí tó ń gbé ìkejì, èyí tó hàn ni wọ́n máa dà kọ: ike.

Àmọ́ mo gbà fún yín pé ìdáhùn yìí léwu. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ọ̀lẹ lè fi "kò sẹ́ni tó mọ ìdí" bo gbogbo nǹkan. Nítorí náà, èmi kì í fi èrè ṣe ẹ̀rí pé nǹkan wúlò. Mo máa ń béèrè ìpinnu. Ẹ fi ìpinnu mẹ́ta hàn mí láàárín ọdún kan tó yàtọ̀ nítorí ohun yìí, tí ilé-iṣẹ́ ò bá ti ṣe òdì kejì rẹ̀ tí kò bá sí. Ìyẹn ṣeé yẹ̀ wò kí èrè tó dé, ó sì lè já sí "rárá".

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú mi. Mo bá iléeṣẹ́ kan tó ní ọ̀pọ̀ ilé-ìtajà ṣiṣẹ́ rí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. A ní káàdì, a ní kọ̀ǹpútà, a ní ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí orí wọn pé. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé wọ́n á tẹ ìròyìn jáde, ojú ewé méjìlélógójì, wọ́n á pín in. Ọ̀gá tó ń ra ọjà ìwẹ̀ àti ìfọṣọ wọlé máa ń gbé ife tíì rẹ̀ lé tirẹ̀ lórí. Mo ti rí ojú ewé àkọ́kọ́ tó ní òbìrìkìtì méje, ọ̀sẹ̀ méje nìyẹn tí kò ṣí i.

Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ yọ ọṣẹ ọmọ tuntun kan tí kò lóòórùn kúrò lórí pẹpẹ. Ogójì péré ni à ń tà lọ́sẹ̀ ní ilé-ìtajà náà, òun ló kẹ́yìn nínú gbogbo ọṣẹ, àyè rẹ̀ sì lè gba òmíràn tó ń yá. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn sáré wá bá mi pé kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Ó ti wo ẹni tó ń ra ogójì náà: mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọn jẹ́ ìyá ọmọ tuntun tí wọ́n ń kó ẹrù kẹ̀kẹ́ kan kún lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọṣẹ yẹn ló ń mú wọn wọlé. Ọ̀gá wo bébà náà, ó ní, "Ọmọ mi, ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń ra ọṣẹ." Wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí oṣù kejì máa fi parí, mẹ́rìndínlógún nínú àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn kò wá mọ́.

Ilé-iṣẹ́ yẹn ní ohun kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Kò ní ìkẹrin. Bí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè ìpinnu mẹ́ta mi, mi ò ní rí ẹyọ kan. Ohun tí ọ̀gá yẹn fi ń gba owó àjẹmọ́nú ni iye tó ń tà lórí ìwọ̀n pẹpẹ kọ̀ọ̀kan. Kò sí kọ́bọ̀ kan tó máa wọlé fún un tí ìyá ọmọ tuntun bá ń padà wá. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ìbéèrè kẹrin, ẹ má béèrè bóyá ẹ̀ka dátà wà. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń sanwó fún ẹni tó ń pinnu.

---

Aṣàríwísí

Ìbéèrè ìpinnu yẹn mo gbà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún yẹn ni mi ò tíì gbà. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọṣẹ ló lé wọn? Ọmọ tuntun kì í jẹ́ ọmọ tuntun títí, ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ fún Dátà_Lọba lókè.

---

Àgbà_Inú_Ọjà

Ẹ mú mi. A fi wọ́n wé àwọn ìyá ọmọ tuntun tí kì í ra ọṣẹ yẹn, àwọn yẹn kò lọ tó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù méjì kan náà. Ṣùgbọ́n iye èèyàn náà kéré. Mi ò ní fi búra.

---

Ẹlẹ́rù_Àkójọ

Mo ń bójú tó ilé ìkẹ́rù-sí fún alágbàtà ńlá kan, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Àgbà, ẹ ní ọgbọ́n kíkà yẹn ṣòro dà kọ, pé ìdí tí Tesco fi rà wọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti 2003 dunnhumby ti bá Kroger, ilé-ìtajà ńlá kan, dá ilé-iṣẹ́ alájọṣe sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún wọn. Nígbà tó di 2015 tí wọ́n pínyà, Kroger dá tiẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní 84.51°. Ohun tí èèyàn lè gbé kọjá òkun tà fún ẹlòmíràn, tí ẹni náà sì kọ́ ọ títí tó fi ń dá a ṣe, báwo la ṣe máa pè é ní ohun tí kò ṣeé dà kọ?

Èkejì, ẹ wo àwọn ilé-ìtajà olówó pọ́ọ́kú: Aldi ti wà ní Britain láti 1990, Lidl láti 1994. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò fi ní káàdì kankan, wọn ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n ń gba oníbàárà Tesco. Níbi tèmi, ẹrù tí wọ́n ń kó kéré ní oríṣi, páálí ni wọ́n fi ń gbé e sórí pẹpẹ. Ẹni tí kì í tà ju oríṣi díẹ̀ lọ kò nílò kọ̀ǹpútà láti mọ èyí tó yẹ kó yọ.

---

Àgbà_Inú_Ọjà

Èkejì yín ló dùn mọ́ mi jù, òun sì ni Akẹ́kọ̀ọ́ kò rí rárá.

Nígbà tí Jay Barney kọ ọ̀rọ̀ yìí ní 1991, ìbéèrè rẹ̀ kẹrin kì í ṣe ètò. Ohun tó béèrè ni bóyá nǹkan mìíràn lè rọ́pò rẹ̀. Ní 1995 ló tò ó sí VRIO, tí ètò gba ipò kẹrin, tí ìbéèrè arọ́pò sì wọ inú ìkẹta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́ VRIO láìmọ̀ pé ó sá pa mọ́ síbẹ̀. Wọ́n á béèrè pé ṣé ẹlòmíràn lè ṣe irú rẹ̀, wọ́n á gbàgbé láti béèrè pé ṣé ẹlòmíràn lè dé ibẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Kí ni Tesco ń fi Clubcard wá? Kí oníbàárà máa padà wá. Aldi fi iye tó relẹ̀ àti oríṣi ọjà díẹ̀ wá ohun kan náà. Safeway ti rí ọ̀nà yẹn ní 2000: wọ́n fagi lé káàdì wọn, wọ́n ní owó rẹ̀ làwọn á fi dín iye ọjà kù. Kò gbà wọ́n là, ilé-ìtajà míì, Morrisons, rà wọ́n ní 2004, ṣùgbọ́n àwọn tí gbogbo ètò wọn ti bá iye kékeré mu láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣe é, ó sì ṣeé ṣe. Nítorí náà, kódà ká gbà pé kò sẹ́ni tó lè da ọgbọ́n kíkà náà kọ, ìkẹta ṣì lè já sí "rárá" nítorí arọ́pò.

Ti Kroger, mo gbà pẹ̀lú yín ní ìdajì. Ọgbọ́n yẹn ṣeé tà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n tà á fún: ẹni tí kì í bá Tesco du oníbàárà kan náà. Kò sí oníbàárà Manchester tó ń ronú bóyá kóun lọ Kroger ní Cincinnati. Bí wọ́n bá tà á fún Sainsbury's, ẹjọ́ míì nìyẹn, rírà tí Tesco ra ilé-iṣẹ́ yẹn ló sì dí ọ̀nà náà. Mo máa ń sọ pé nǹkan ṣòro dà kọ tí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń díje kò bá rí i rà, tí kò sì rí i kọ́ ní iye tó máa jẹ́ kó jèrè.

---

Ẹlẹ́rù_Àkójọ

Ìyẹn ni pé ìwé òfin ló ń dáàbò bò ó, ọgbọ́n náà fúnra rẹ̀ kọ́. Mi ò gbà. Sainsbury's lè gba èèyàn mẹ́wàá tó mọ ìṣirò, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Kroger ṣe é.

---

Àgbà_Inú_Ọjà

Kroger ṣe é lẹ́yìn ọdún méjìlá tí wọ́n ti jọ jókòó sínú yàrá kan náà. Ṣùgbọ́n ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀, a ò ní fẹnu kò lórí èyí.

---

Dátà_Lọba

Tesco gbé ara rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà náà ní 2007, wọ́n pe ilé-ìtajà wọn níbẹ̀ ní Fresh & Easy. Ọdún mẹ́fà kò pé tí wọ́n fi ní àwọn ń kúrò. Dátà wà, ọgbọ́n wà, ilé-iṣẹ́ aláìlẹ́gbẹ́ wà. Kí ló dé?

---

Àgbà_Inú_Ọjà

Ẹ̀yin gan-an lẹ wá ń bú dátà báyìí 😀

Àkọsílẹ̀ oníbàárà Britain kò sọ nǹkan kan nípa oníbàárà California. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn níbẹ̀, wọn ò ní káàdì pàápàá, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbé e dé. Ohun ìní kan kò ní iye kan pàtó lórí tó máa ń gbé káàkiri. Níbi tó wà ló ti wúlò, bí ọjà tó wà bá yí padà, iye náà máa yí. Bí mo bá ń ṣe VRIO fún ilé-ìtajà kan, orí ìwé ni mo ti máa ń kọ ọ́: ọjà wo, àwọn wo là ń bá díje, ọdún wo. Láìsí mẹ́ta yìí, "bẹ́ẹ̀ ni" tó o bá kọ kò ní ìtumọ̀.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kẹta

Ẹ ṣeun gan-an sà. Mo ti tún un kọ: Britain, 1995 sí 2005, pẹ̀lú Sainsbury's àti Safeway. Ike àti póìǹtì: ó wúlò, ó ṣọ̀wọ́n fún oṣù díẹ̀, ó rọrùn dà kọ, àǹfààní ìgbà díẹ̀. Àkọsílẹ̀: ó wúlò, kò ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn 1996, dọ́gbadọ́gba ni wọ́n. Ọgbọ́n kíkà: ó wúlò, ó ṣọ̀wọ́n, mo kọ "ó ṣòro" pẹ̀lú àlàyé nípa 2001 àti ti Kroger. Ìwà ìpinnu: mo kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo rẹ̀. Ṣé ó ti tó?

---

Àgbà_Inú_Ọjà

Ó ti dára gan-an. Èyí tó kẹ́yìn ni kó o tún wò. O kọ "bẹ́ẹ̀ ni" torí pé èmi ni mo sọ ìtàn ọṣẹ, àbí torí pé o rí ìpinnu tí Tesco yí padà? Ìtàn mi kì í ṣe ti Tesco. Ohun kan wà tó o lè lò: lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé oníbàárà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tí kúpọ́ọ̀nù inú rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé dé ilé gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹni náà ń rà. Ìpinnu kan nìyẹn tí kò lè sí láìsí àkọsílẹ̀. Wá méjì sí i. Bí o ò bá rí i, kọ "kò tíì dá mi lójú", olùkọ́ tó fi bírò pupa kọ ìbéèrè yẹn máa fẹ́ràn rẹ̀ ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ.

Tún yẹ ọdún 2005 tó o fi parí wò. Bó o bá gbé e dé 2015, ọdún tí Tesco fúnra rẹ̀ wá ẹni tó máa ra dunnhumby, tí kò sì tà á mọ́, ìlà kẹta rẹ yẹn lè má dúró.

---

Ìyá_Táyé_Aláṣọ

Mo ti ra ìwé náà o. Ọmọbìnrin tuntun tó ń bá mi tajà níwájú ń béèrè pé kí ló dé tí òun fi ní láti kọ ohun tóun mọ̀ sílẹ̀ fún mi. Kí ni mo máa sọ fún un?

---

Aṣàríwísí

Mà, ẹ fi owó kún owó oṣù rẹ̀ kí ẹ tó dá a lóhùn.